Ìwé Tí Ń Sọ Ilẹ̀ Tí Wọ́n Bí Ọjà

  

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ tí èmi yóò máa pè é ni ìwé-ẹ̀rí orísun ọjà. Bí ẹ bá dé Àpápá, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ajẹ́ǹtì ń pè é ní sàtífíkéètì ọ́fù órígìn. Àwọn mìíràn a gé e kúrú, wọn a ní síí-óò. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní apá Òkè-Ògùn pàdánù owó lórí ìwé yìí ní ọdún 2023. Ọjà wọn kò bàjẹ́. Olè kò jà wọ́n. Ọkọ̀ kò rì. Ìwé ló kó bá wọn. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ka èsì tí báńkì fún wọn, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà wa kan ni akápò wọn, òun ló sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun wo ohun tí òun ń rí.

Kajú ni wọ́n ń tà, kóró kajú tí ó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, tí wọ́n sá gbẹ dáadáa. Oníbàárà wọn wà ní ilẹ̀ Fiẹ́tnámù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa èèpo kajú. Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n kó kọ́ńténà kan ránṣẹ́, àpò 200, kílò 80 nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Kílò 16,000 ni, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù 16.

Kí a tó dé ibi tí nǹkan ti wọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Kí ni ìwé yìí ń jẹ́rìí sí?

Ilẹ̀ tí wọ́n bí ọjà ló ń jẹ́rìí sí. Bí wọ́n bá bí ọmọ kan sí Ìsẹ́yìn, tí ó dàgbà sí Ìbàdàn, tí ó wá wọkọ̀ òkun ní Èkó, Ìsẹ́yìn náà ni wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà rí. Orílẹ̀-èdè tí igi kajú ti so, tí àgbẹ̀ ti ṣa kóró rẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ ni orísun rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti rán ẹnu àpò. Kì í sì í ṣe èbúté tí ó ti wọ ọkọ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi mímọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní òkè òkun? Aṣọ́bodè ibẹ̀ ló ń bèèrè. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ilẹ̀ kan lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ilẹ̀ mìíràn, nítorí àdéhùn tí ìjọba bá ìjọba ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti fòfin de ọjà kan láti ilẹ̀ kan. Aṣọ́bodè kò lè wo kóró kajú lójú kí ó mọ ilẹ̀ tí ó ti wá. Ìwé ni yóò wò. Báńkì náà ń bèèrè ìwé yìí, pàápàá nígbà tí oníbàárà bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun ò ní sanwó láìrí i.

Ẹ má sì fún ìwé náà ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sọ pé kajú náà gbẹ. Kò sọ pé kòkòrò kò sí nínú rẹ̀. Ìwé mìíràn ni ti kòkòrò àti àrùn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn ní ibodè ló sì ń fúnni. Mo ti rí ẹni tí ó mú ìwé ti kòkòrò lọ sí báńkì, tí ó ń jà pé òun ti mú ìwé-ẹ̀rí wá. Lóòótọ́ ìwé-ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n bèèrè.

Ta ló wá ń fúnni ní ìwé orísun yìí? Ní Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ni, àwọn tí a ń pè ní ṣéńbà ọ́fù kọ́másì. Èyí tí ó wà ní Èkó ti pẹ́ gan-an. Ọdún 1888 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ń pè ní Nàsímà. Iṣẹ́ wọn ni láti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kó ọjà jáde, kí wọ́n yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé wọn sí i.

Ẹ gbọ́ o, akọ̀wé ṣéńbà kò wá sí oko yín. Kò ka igi kajú yín. Ohun tí ó ń wò ni ìkéde tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni ọjà yìí ti wá, pẹ̀lú ìwé owó ọjà àti àwọn ìwé mìíràn tí ẹ fi tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá iléèwé, òbí a wá bá mi pé kí n kọ ìwé pé ọmọ òun jáde ní iléèwé mi. N kì í kọ ọ́ látẹnu. Rẹ́jísítà ni mo máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kọ rẹ́jísítà bá ti purọ́ sínú rẹ̀, irọ́ náà ni èmi náà yóò buwọ́ lù láìmọ̀. Bákan náà ni ti ṣéńbà. Ìkéde yín ni rẹ́jísítà tí wọ́n ń wò, bí irọ́ bá sì wà nínú rẹ̀, ọrùn ẹni tí ó buwọ́ lu ìkéde ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Òkè-Ògùn gan-an, nítorí pé wọ́n múlé gbe ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún náà, nígbà tí àpò kò tíì pé 200, oníṣòwò kan wá bá ẹgbẹ́ náà. Ó ní òun ní 30 àpò kajú tí òun rà ní òdìkejì ibodè, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì gbẹ dáadáa. Ó ní, "Ẹ kàn dà á pọ̀. Kajú kì í sọ̀rọ̀." Àwọn kan ti fẹ́ gbà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní rárá. Ó ní bí àwọn bá da àpò 30 náà mọ́ 170 tiwọn, ìkéde tí àwọn fẹ́ kọ, pé ọjà Nàìjíríà ni gbogbo rẹ̀, ti di irọ́ nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Kajú tí ó so ní Bẹ̀nẹ̀, kajú Bẹ̀nẹ̀ ni, bí Yorùbá tilẹ̀ ni ó gbìn ín, tí Yorùbá ni ó rà á. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni òfin ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí wọn kò tíì pa èèpo rẹ̀ jáde nílẹ̀ náà mọ́. Ẹni tí ó bá wá ń da tiwọn pọ̀ mọ́ tiwa báyìí, ọ̀nà méjì ni ó fi ń ṣẹ̀.

Kajú rọrùn láti mọ ibi tí wọ́n bí i, nítorí pé igi ló so ó. Ohun tí a fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ ṣe ló le díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ra epo láti ilẹ̀ Màléṣíà, tí ó fi ṣe ọṣẹ ní Ìbàdàn, ṣé ọmọ Màléṣíà ni ọṣẹ náà tàbí ọmọ Nàìjíríà? Àwọn ìjọba ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n parapọ̀ di Ẹ́kówáàsì ti fi ẹnu kò lórí èyí. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Nọ́ńbà epo náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1511, ti ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3401. Nígbà tí nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ bá ti yí padà báyìí, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ṣe ní Ìbàdàn ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ó sì lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà mìíràn tún wà: bí iye tí iṣẹ́ wa fi kún un kò bá dín sí 30 nínú 100 iye owó rẹ̀ bó ṣe ń jáde nílé iṣẹ́, wọ́n á gbà á.

Ìwé tí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ yóò fi wọ Kútọnu tàbí Lómè láìsan owó ibodè kì í ṣe ìwé tí kajú lọ sí Fiẹ́tnámù fi ń rìn. Ìwé ti Ẹ́kówáàsì ni. Kí ṣéńbà tó lè fúnni ní tiyẹn, ilé iṣẹ́ náà àti ọṣẹ náà gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ sínú ètò Ẹ́kówáàsì ná, ọ̀dọ̀ Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn ní tiwọn kò nílò ìwé orísun rárá lábẹ́ ètò yẹn. Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu tiwa lọ sí Kútọnu, tí ẹnìkan wá ní kí ẹ sanwó ìwé orísun Ẹ́kówáàsì, ẹ bi í dáadáa ibi tí ó ti rí òfin yẹn. Ètò tuntun ti ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà, tí òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2021, tún ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ni wọ́n yàn láti máa fúnni ní tiyẹn, kì í ṣe ṣéńbà. Nítorí náà, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ilẹ̀ tí ọjà ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́kajú wa.

Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń rí sí kíkó ọjà jáde. Wọ́n ti ṣe fọ́ọ̀mù tí báńkì ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ń kó ọjà jáde. Oníbàárà wọn sì ti ní kí báńkì tirẹ̀ kọ lẹ́tà kan tí a ń pè ní lẹ́tà ọ́fù kírẹ́dítì. Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé, bí ẹgbẹ́ yìí bá mú ìwé báyìí-báyìí wá, tí gbogbo wọn bá dọ́gba, báńkì yóò sanwó. Ìwé owó ọjà wà nínú wọn, ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ń fúnni wà nínú wọn, ìwé orísun ọjà sì wà nínú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé báńkì kò ní wo kajú. Ìwé nìkan ni yóò wò.

Ajẹ́ǹtì wọn sọ pé kí àwọn má baà pẹ́, òun á ti lọ ṣe ìwé orísun sílẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀mù wá fún alága. Fọ́ọ̀mù náà ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi. Alága, àgbà ẹni ọdún 70 lé, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ajẹ́ǹtì sì gbé e lọ. N kò dá bàbá lẹ́bi púpọ̀. Ajẹ́ǹtì ni mo dá lẹ́bi, nítorí pé ìkéde lórí ọjà ẹlòmíràn ló ní kí wọ́n tẹ̀ láìtíì kọ ọ́. Ó lọ kọ àpò 200 sí i, kílò 16,000. Ṣéńbà fi òǹtẹ̀ lù ú. Kọ́ńténà kò tíì dé rárá ní ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n ń kó ọjà sínú kọ́ńténà, àpò méjì bẹ́. Ilẹ̀ tutù, kajú inú wọn sì ti mu omi. Wọ́n mú àpò méjèèjì kúrò, ohun tí ó sì yẹ kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe yẹn, nítorí kajú tútù a máa ba èyí tó gbẹ jẹ́ lójú omi. Àpò 198 ló wọ kọ́ńténà. Ìgbà 80 lọ́nà 198 jẹ́ kílò 15,840. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ 198 sínú ìwé tiwọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà tún ìwé owó ọjà kọ, ó fi 198 sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí ìwé orísun tí ó ti wà nínú àpò ajẹ́ǹtì.

Ọkọ̀ ṣí ní ọjọ́ 3 oṣù Kàrún. Nínú òfin tí àwọn báńkì káàkiri ayé fi ń lo irú lẹ́tà yìí, bí lẹ́tà kò bá sọ ohun mìíràn, ọjọ́ 21 ni ẹni tí ó ta ọjà ní, láti ọjọ́ tí ọjà ti wọkọ̀, láti kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá. Ẹ kà á lọ́wọ́ yín: ọjọ́ 24 oṣù Kàrún ló parí. Wọ́n kó ìwé dé báńkì ní ọjọ́ 15. Báńkì ní ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ 18 ni èsì jáde.

Èsì náà rí báyìí. Ìkíní, ìwé orísun sọ pé àpò 200, ìwé ọkọ̀ sọ pé 198. Ìkejì, orúkọ oníbàárà tí ó wà lórí ìwé orísun kò bá ti lẹ́tà báńkì mu. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹni tí ó tẹ ìwé orísun sì ti fo ọ̀kan nínú àárín.

Àwọn àgbẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Nítorí àpò méjì? Ṣé a kò ti dín owó rẹ̀ kúrò ni?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n akápò wọn, ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mú lẹ́tà náà, ó fi ìka tọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Ó rí i níbẹ̀ pé lẹ́tà gbà kí ọjà dín tàbí kí ó lé ní 5 nínú 100. Àpò méjì nínú 200 jẹ́ 1 péré nínú 100. Nítorí náà, báńkì kò bínú sí àpò méjì tí ó dín. Ohun tí kò tẹ́ báńkì lọ́rùn ni pé ìwé kan ń sọ 200, èkejì ń sọ 198, báńkì kò sì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Bí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kọ 198, owó ì bá ti jáde.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Ẹ lè rò pé ó tó láti tún ojú ewé kan kọ. Ṣéńbà kò gbọdọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì pa nọ́ńbà rẹ́ kí wọ́n sì kọ òmíràn lé e, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí tí a pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀ kò níyì lójú aṣọ́bodè. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n gba èyí àkọ́kọ́ padà, kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n tó fúnni ní òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé méjì tí ń sọ ọ̀rọ̀ méjì yóò máa rìn kiri lórí ọjà kan. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kó gbogbo ojúlówó tí wọ́n gbà padà wá. Ọ̀kan ti lọ. Ajẹ́ǹtì ti fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tààrà, pé kí ó lè máa wò ó sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà àlàyé, kí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù ú, kí oníbàárà náà sì kọ̀wé pé òun yóò dá ojúlówó náà padà. Ìyẹn gba ọjọ́. Ìwé tuntun jáde ní ọjọ́ 26. Ọjọ́ méjì ti kọjá.

Báyìí ni agbára ṣe bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. Bí ìwé bá pé, tí ó sì tètè dé, ọ̀ranyàn ni kí báńkì rẹ̀ sanwó, ìbáà jẹ́ pé owó kajú ti wálẹ̀ lọ́jà ayé. Ṣùgbọ́n tí àléébù bá wà, báńkì yóò bi oníbàárà pé ṣé ó ṣì fẹ́ gbà á. Ó lè ní òun kò gbà. Ní oṣù náà owó kajú ti wálẹ̀ díẹ̀. Oníbàárà náà kò bú wọn, kò jà. Ó kàn kọ̀wé pé òun á gbà á bí wọ́n bá yọ dọ́là 100 kúrò lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọn yóò ṣe? Ọjà ti wà lójú omi. Bí wọ́n bá kọ̀, kọ́ńténà yóò gúnlẹ̀ ní èbúté tí wọn kò mọ ẹnìkan, owó ìdádúró yóò sì máa gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Wọ́n gbà. Tọ́ọ̀nù 15.84 lọ́nà 100 jẹ́ dọ́là 1,584. Ọmọ ẹgbẹ́ 44 ló ni ọjà náà. Ẹ pín in. Dọ́là 36 ló bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé èmi àti akápò la jọ tò ó. Wọn kò jẹ́ kí ìwé orísun jáde kí kọ́ńténà tó kún mọ́. Ajẹ́ǹtì lè kọ fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí bébà lásán, kí gbogbo èèyàn kà á, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ṣéńbà kò ní kàn án títí a ó fi ka àpò tí ó wọlé, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yóò sì fi ìwé tiwọn hàn wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹsẹ̀ yá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, nítorí pé ìwé orísun tí ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ́ ju ti ọkọ̀ lọ a máa fa ìbéèrè ní ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ ìwé sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ lẹ́tà báńkì sí apá òsì, nítorí pé òun ni ọ̀gá, wọ́n sì tẹ́ ìwé owó ọjà, ìwé ọkọ̀ àti ìwé orísun tẹ̀ lé e. Èèyàn méjì ló ń kà á. Ẹnìkan a ka lẹ́tà báńkì sókè, ẹnì kejì a fi ìka wá ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé yòókù. Orúkọ ẹni tí ó tà á. Orúkọ ẹni tí ó rà á, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, àní àmì ìdánudúró àárín rẹ̀. Orúkọ ọjà. Iye àpò. Ìwọ̀n kajú nìkan, àti ìwọ̀n kajú pẹ̀lú àpò. Àwọn èèyàn a máa pààrọ̀ ìwọ̀n méjèèjì yìí. Bí àpò òfìfo kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 1, kajú àpò 200 jẹ́ kílò 16,000, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àpò rẹ̀ ó di 16,200. Bí ẹ bá kọ 16,200 síbi tí ó yẹ kí 16,000 wà, irọ́ kò sí níbẹ̀, àmọ́ ìwé yín yóò padà.

Ní ọdún yẹn, akápò rí àṣìṣe kan tí èmi kò rí. Nọ́ńbà kajú tí ó wà nínú èèpo ni 080131. Èyí tí wọ́n ti pa èèpo rẹ̀ ni 080132. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, owó wọn sì jìnnà sí ara wọn púpọ̀. Ajẹ́ǹtì ti kọ 2 síbi tí ó yẹ kí 1 wà. Ó jọ pé ó wò ó láti ara ìwé ẹlòmíràn tí ó ṣiṣẹ́ fún. Bí ìwé náà bá jáde bẹ́ẹ̀, aṣọ́bodè ì bá ṣí kọ́ńténà, kí ó sì bèèrè ìdí tí kajú olówó gọbọi fi ń rìn pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Ìyá náà kàn sọ pé, "Tíṣà, ẹ wò ó, ìkẹyìn rẹ̀ kò bára mu." Bébà lásán ló ṣì wà, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé náà kù. Ṣéńbà máa ń mọ ọwọ́ àwọn tí ẹgbẹ́ fún ní àṣẹ láti buwọ́ lùwé. Bí ẹgbẹ́ bá yí alága padà, kí wọ́n tètè fi ọwọ́ tuntun ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ orúkọ rẹ̀ kọ lè fi àtàǹpàkò tẹ̀wé, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí kò sì sí àlàfo kankan tí ó ṣófo níbẹ̀. Bàbá alága tí mo sọ yẹn ti ń wá sí kíláàsì alẹ́ báyìí. Ó ti lè ka nọ́ńbà gbogbo, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ka iye àpò.

Mo mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù mẹ́ta wá, èyí tí ó ní àṣìṣe ti ọdún 2023 wà lára wọn. Mo ti fi bébà bo orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ súnmọ́ tábìlì ní méjì méjì, kí ẹnìkan máa kà, kí ẹnì kejì máa fi ìka wá a. Ìyá tí ó jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àtùpà yẹn wá síhìn-ín.